Ṣíṣa Kajú ní Àkókò Ọlidé

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà oko kọjá ní àyíká Kàbà ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin ọdún, òórùn dídùn kan yóò kàn án nímú kí ó tó rí igi tí òórùn náà ti ń wá. Òórùn èso kajú tí ó ti pọ́n ni. Bí ó bá bojú wo abẹ́ igi, yóò rí èso pupa àti èso aláwọ̀ ìyeyè nílẹ̀ káàkiri, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní kóró kan tí ó tẹ̀ bí kíndìnrín ní ìdí. Àwọn ọmọdé a máa mu omi èso náà, wọn a sì sọ ìyókù nù. Kóró yẹn gan-an ni àwọn oníṣòwò ń wá kiri láti abúlé dé abúlé.

Igi kajú kì í ṣe igi ìbílẹ̀ wa. Àwọn ará Pọtogí ni wọ́n mú un wá sí Áfíríkà láti Bùràsíìlì, ó sì ti lé ní irínwó ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa bá a lára mu. Lónìí, Ìpínlẹ̀ Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí kajú ti ń jáde jù lọ ní Nàìjíríà, àwọn Okun sì ní ìpín tiwọn nínú rẹ̀, láti Kàbà títí dé Ìjùmú, Búnú àti Ìyàgbà. Igi náà a máa rúwé òdòdó nígbà ọyẹ́, èso rẹ̀ a sì máa já láti nǹkan bí oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún. Láàárín àkókò yìí ni ọlidé sáà kejì máa ń bọ́ sí. Nítorí náà, bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń ti ìwé bọ̀ wá sí ilé ni kajú ń já sílẹ̀ nínú oko.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó máa ń fẹ́ rí owó díẹ̀ nígbà ọlidé, bóyá láti ra ìwé àti bàtà, bóyá láti bá òbí gbé díẹ̀ nínú ẹrù ilé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ó yẹ ọmọdé. Ẹni tí ń kiri ọjà ní ibùdókọ̀ wà láàárín ọkọ̀ àti àwọn ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹni tí ń ru búlọ́ọ̀kù níbi ilé kíkọ́ ń ba egungun tí ó ṣì ń dàgbà jẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 sọ pé iṣẹ́ tí ọmọdé lè ṣe ni iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ti oko, ti ọgbà tàbí ti ilé, lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀. Ó sì kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ gbé ẹrù tí yóò pa ìdàgbàsókè ọmọ lára lé e lórí. Bí a bá fi òfin yìí wo àwọn iṣẹ́ tí ó wà ní ilẹ̀ Okun ní oṣù kẹrin, a ó rí i pé ṣíṣa kajú ní oko ẹbí wà lára àwọn tí ó bá a mu dáadáa, bí a bá mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tí a nílò kì í ṣe agbọ̀n, kì í sì í ṣe àpò. Ìyọ̀ǹda òbí ni. Kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀ nìkan ni a fi sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹbí kan, kí igi tí ó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹlòmíràn tí ó gbìn ín. Ọmọ tí ó bá rí kajú lábẹ́ igi kan, tí ó rò pé igi náà kò ní olúwa, lè di olè láìmọ̀. Àwọn òbí ni wọ́n mọ ẹni tí ó gbin igi, àti ibi tí ààlà oko gbà. Àwọn náà ni wọ́n lè bá olóko sọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà sì dúró.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ ọdún 15, tí ilé àwọn òbí rẹ̀ wà ní abúlé kan lẹ́bàá Kàbà. Ìyá bàbá rẹ̀ ní ogún igi kajú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kò jẹ́ kí ìyá àgbà lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa kóró bí i ti àtijọ́, apá kan nínú èso náà sì ń jẹrà lọ́dọọdún. Ọmọ yìí kò sáré lọ sí oko. Ó kọ́kọ́ sọ fún bàbá rẹ̀, bàbá sì mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ parí. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá àgbà, okun o. Mo wá bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí n máa ṣa kajú yín ní ọlidé yìí.”

Ìyá àgbà wo ọmọ rẹ̀, ó ní, “Ṣé ìwọ mọ̀ sí i?”

Bàbá dáhùn pé, “Mo mọ̀ sí i, ìyá. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò jọ máa lọ. Wọn yóò jáde lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀, wọn yóò sì ti dé kí oòrùn tó kan àtàrí.”

Lójú bàbá ni wọ́n fi ẹnu kò pé ìdajì owó yóò jẹ́ ti ìyá àgbà, ìdajì yóò jẹ́ ti ọmọ, àti pé ìyá ọmọ náà ni yóò máa bá a tọ́jú owó títí ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gba iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, kò sì bá wọn pín in. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n sọ: igi wo, àkókò wo, pínpín wo, àti ọwọ́ ta ni owó yóò wà. Ibi tí a kò bá ti sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣáájú, ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí owó bá dé.

Nísinsìnyí, kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé kí a gun igi, kí a sì ká kajú ni. Àṣìṣe tí ó ń jẹ owó jù nìyẹn. Kajú yàtọ̀ sí èso mìíràn. Kóró rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń dàgbà, ó sì máa ń tóbi tán nígbà tí èso tí ó wà lókè rẹ̀ ṣì kéré, tí ó ṣì tutù. Lẹ́yìn èyí ni èso yóò tó wú, tí yóò sì pọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wo kóró tútù lórí igi yóò rí i pé ó tóbi bí èyí tí ó gbó, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ó wà nínú èèpo rẹ̀ kò tíì kún. Bí a bá já a, tí a sì sá a, ọmọ inú rẹ̀ yóò hunjọ, oníṣòwò yóò sì kọ̀ ọ́. Ìkánjú kò ṣeé lá ọbẹ̀ gbígbóná. Igi fúnra rẹ̀ ni ó mọ ọjọ́ tí kóró gbó. Nígbà tí ó bá gbó, yóò jù ú sílẹ̀. Èyí tí ó já fúnra rẹ̀ nìkan ni kí a ṣa. Kí a má ṣe gun igi, kí a má sì ṣe mì í. Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe bọ́ lọ́wọ́ jíjábọ́ láti orí igi pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n bí kì í ti í dára kí a ká a kí ó tó já, bẹ́ẹ̀ ni kò dára kí a fi í sílẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tí ó bá já. Ní oṣù kẹrin, òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Okun. Kóró tí ó bá sùn nínú ewé tútù fún ọjọ́ púpọ̀ yóò dúdú, yóò bu, òmíràn yóò tilẹ̀ fẹ́ hù. Nítorí náà, ojoojúmọ́ tàbí ọjọ́ kejì kejì ni kí a máa lọ. Kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀, kí àgbàlagbà ti ro abẹ́ igi, kí ó sì gbá ewé gbígbẹ kúrò, nítorí abẹ́ ewé ni ejò máa ń sá pamọ́ sí. Kí ọmọ wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, kí ó mú ọ̀pá dání láti fi tú ewé wò kí ó tó na ọwọ́, kí ó má sì ṣe dá lọ.

Ewu mìíràn wà tí ojú kò rí. Nínú èèpo kóró kajú ni òróró dúdú kan wà tí ó máa ń jó ara bí iná. Bí ó bá kan ètè tàbí àwọ̀, yóò lé, yóò sì bó. Òróró náà kì í ṣe ọ̀tá ẹni tí ó bá ń ṣa kóró tí èèpo rẹ̀ kò fọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá fi eyín pa á yóò kábàámọ̀. Ẹni tí ó bá sì dá a sínú agbada láti yan án yóò rí i pé òróró ń ta jáde sí ojú àti ọwọ́, èéfín rẹ̀ sì ń ta ènìyàn lójú àti lọ́fun. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wí pé kajú yíyan ní owó lórí ju kajú tútù lọ, òtítọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àgbàlagbà tí ó ní ohun èlò ni. Iṣẹ́ ọmọdé parí sí orí kóró tí èèpo rẹ̀ wà ní pípé.

Bí kóró bá ti dé ilé, ohun mẹ́ta ni ó kù: yíyọ, fífọ̀ àti sísá. A ó kọ́kọ́ yí kóró kúrò lára èso. Kí ẹran èso má ṣe kù lára rẹ̀ rárá, nítorí ẹran náà ni ó máa ń jẹrà, tí yóò sì ba èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn èyí, a ó da kóró sínú omi nínú ọpọ́n. Èyí tí ó kún yóò rì. Èyí tí ó fúyẹ́, tí kòkòrò ti jẹ tàbí tí kò ní ọmọ gidi nínú, yóò léfòó. Kí a kó èyí tí ó léfòó sọ́tọ̀. Bí a bá fi í kún tòótọ́, a kò rí oníṣòwò rẹ́ jẹ, orúkọ ara wa ni a bà jẹ́.

Lẹ́yìn fífọ̀, sísá ni ó kù, òun sì ni ó ń ya ọlọ́gbọ́n sọ́tọ̀. A ó tẹ́ kóró sórí ẹní tàbí sórí sìmẹ́ǹtì tí a ti gbá, kí ó má nípọn, a ó sì máa yí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí oòrùn bá mú dáadáa, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta yóò tó. Ní alẹ́, àti nígbà tí òjò bá ṣú, kí a kó o wọlé. Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó gbẹ? Kí a fi èékánná àtàǹpàkò tẹ èèpo rẹ̀: bí ó bá lápá, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Kí a mi ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀: èyí tí ó gbẹ yóò dún kọ́ro-kọ́ro bí òkúta wẹ́wẹ́. Kí a wá dà á sínú ọ̀kẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, irú èyí tí a fi ń di kòkó, kí a sì gbé e lé orí pákó, kí ó má kan ilẹ̀. Kí a má ṣe dì í sínú ọ̀rá, nítorí kóró a máa làágùn nínú ọ̀rá, yóò sì bu láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni ó kan oníṣòwò bí omi díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀? Ó kàn án púpọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú kajú Nàìjíríà ni a ń kó lọ sí Fíẹ́tnámù àti Íńdíà láìtíì fọ́ èèpo rẹ̀, ó sì máa ń lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Omi tí ó bá wà nínú kóró láti Kàbà yóò ti di ewu kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ìdí nìyí tí oníṣòwò fi máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kóró nínú àpò, tí yóò fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì, tí yóò sì wo inú wọn. Bí ọmọ inú rẹ̀ bá funfun, tí ó sì kún, iye yóò gòkè. Bí ó bá pọ́n rúsúrúsú tàbí tí ó dúdú, iye gbogbo àpò náà ni yóò já wálẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀kúnwọ́ yẹn nìkan.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin wa, kí á bá a ṣe ìṣirò. Ní ọjọ́ 14, ó ṣa kóró tútù 40 kílò. Èyí kò pé kílò mẹ́ta lójúmọ́, ẹrù tí kò lè pa ọmọ ọdún 15 lára. Nígbà tí ó fọ̀ ọ́, kílò méjì léfòó, ó kù 38. Nígbà tí ó sá a, omi tí ó gbẹ lọ mú kílò mẹ́rin lọ, ó kù 34. Àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé oòrùn ń jẹ ẹ́ lówó. Ṣé òótọ́ ni? Iye kajú kì í dúró lójú kan, ó lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà iye tí a fẹ́ dá yìí kì í ṣe iye ọjà, ìṣirò lásán ni a fi ń ṣe. Kí á wí pé oníṣòwò ń ra kílò tútù ní 700 náírà, tí ó sì ń ra kílò gbígbẹ ní 1,000 náírà. Bí ó bá ti ta 40 kílò ní tútù, 28,000 náírà ni ìbá gbà. Ó ta 34 kílò gbígbẹ, ó gba 34,000 náírà. Oòrùn kò jẹ ẹ́ lówó. 6,000 náírà ni oòrùn fi kún un. Ó ka 17,000 náírà fún ìyá àgbà, 17,000 sì kù ní ọwọ́ ìyá rẹ̀ fún un. Bí ìyàtọ̀ láàárín iye tútù àti iye gbígbẹ bá kéré ní ọdún kan, kí ènìyàn tún ìṣirò yìí ṣe kí ó tó pinnu. Ó lè jẹ́ pé títà ní tútù ni yóò sàn ní ọdún náà.

Títà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ilé ni kí a ti tà, lójú òbí. Kí ọmọ má ṣe bá oníṣòwò wọ ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ń kó kajú jọ, kí ó má sì ṣe gba owó sílẹ̀ kí ó tó ṣa kóró, nítorí owó àsansílẹ̀ gbèsè ni: ẹni tí ó bá gbà á kò tún ní ẹnu láti kọ iye tí oníṣòwò bá dá. Àwọn kan ń fi kọ́ńgò rà, àwọn kan ń fi ìwọ̀n rà. Kọ́ńgò tí a bá kó kún títí tí ó fi ṣu sókè ju èyí tí a rẹ́ lórí lọ dáadáa, nítorí náà ìwọ̀n ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n náà lè ṣẹ̀. Bàbá ọmọ náà fi ohun tí ó rọrùn dán an wò: ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi 20 lítà tí ó kún kọ́ sórí rẹ̀. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Nítorí náà, ìwọ̀n tòótọ́ gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí 20 kílò hàn, pẹ̀lú díẹ̀ fún kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Ìwọ̀n tí ó bá fi 16 hàn ń jí kílò kan nínú márùn-ún. Oníṣòwò tòótọ́ kì í bínú sí ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ní òpin. Nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀ tán, kajú ti parí, ẹni tí ó bá ń retí rẹ̀ ní ọlidé ńlá oṣù kẹjọ kò ní í rí nǹkan kan lábẹ́ igi. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì wọlé nígbà tí kóró díẹ̀ ṣì ń já, kí ọmọ fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tí ó wà nílé. Ọmọbìnrin wa ṣe bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, ó gba ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kọjá láti kí i, ó rí i tí àbúrò rẹ̀ kékeré jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n omi, tí ó ń ṣa èyí tí ó léfòó sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó rì.